Ojú ìyàwó funfun báláú nínú fọ́tò! Àtíkè ló jẹ̀bi ni, àbí iná kámẹ́rà?

Bí ẹ bá débi ìjà tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Ṣakí lọ́jọ́ kẹrin tí àbúrò mi ṣègbéyàwó tán, ẹ ó rò pé ilẹ̀ bàbá wa la fẹ́ẹ́ tà. Oṣù kẹrin ọdún 2023 ni, òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ooru sì wá ń mú bíi pé èèyàn wà nínú ìkòkò. Ayafọ́tò gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, gbogbo ilé pé lé e lórí, ó ṣí fọ́tò àkọ́kọ́, ilé pa lọ́lọ́.

Àbúrò mi dúdú o. Dúdú tó ń dán ni, àwọ̀ tí ìyá wa máa ń fi yangàn. Àmọ́ nínú fọ́tò tí wọ́n yà ní gbọ̀ngàn, ọrùn rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ dúdú, abẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì, igi imú, àgbọ̀n àti àárín iwájú orí sì funfun báláú bí ìgbà tí wọ́n fi ẹfun sàmì sí i. Ọmọ náà wo ara ẹ̀ títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi rèé? Mo dà bí ẹni tó forí bọ àpò láfún!" Lẹ́sẹ̀kan náà lẹkún gbọ̀n ọ́n.

Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin tó ṣe mekọ́ọ̀pù fún un nìyẹn. Ayafọ́tò ò tiẹ̀ jẹ́ kó jókòó. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màámi, iṣẹ́ tèmi kọ́ nìyí, páúdà tí wọ́n kùn fún wọn ni." Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ síwájú ìyá wa, ó ní, "Mà, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ṣé ẹ rí funfun kankan lójú ìyàwó lọ́jọ́ náà? Iná kámẹ́rà wọn ló ba iṣẹ́ mi jẹ́." Ìyá wa ní kò kan òun, pé àwọn méjèèjì ò ní í gba owó tó kù.

Ohun tó jẹ́ kí n dá sí i ni pé òótọ́ lọ́mọbìnrin yẹn sọ. Gbogbo wa la rí ìyàwó lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ dọ́gba, ó rẹwà. Àwọn fọ́tò tí wọ́n yà níta nínú oòrùn pàápàá dáa, kò sí funfun níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n yà nínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú iná fíláàṣì nìkan ló bàjẹ́. Ó wá yé mi pé òótọ́ ni ayafọ́tò náà sọ. Àwọn méjèèjì ló jọ ṣe é, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn.

Ẹ má rò pé àìmọ̀ ará oko ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, òṣèré sinimá tí gbogbo ayé mọ̀, Anjẹlínà Jolí, lọ síbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé fíìmù kan jáde ní Niú Yọ́ọ̀kì, àwọn oníròyìn yà á ní fọ́tò, ìgbà tí fọ́tò jáde, àtíkè funfun wà ní imú àti abẹ́ ojú rẹ̀ bíi pé ọmọdé ló fi í ṣeré. Irú ẹ̀ ti ṣe Nikóòlù Kídímáànù náà nílùú yẹn kan náà ní oṣù kejìlá ọdún 2009. Òyìnbó làwọn yẹn o, aláwọ̀ funfun, tó sì jẹ́ pé àwọn tó mọṣẹ́ ni wọ́n ń kun ojú wọn. Bí àtíkè bá lè funfun lára òyìnbó tí gbogbo ayé fi rí i, ẹ wá wo ohun tí yóò ṣe lára ọmọ Ṣakí.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé

Àwọn páúdà tí wọ́n ń pè ní aláìláwọ̀, èyí tó funfun nínú ike ṣùgbọ́n tí kì í hàn bí wọ́n bá fi pa ojú, sílíkà ló pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ wọn. Sílíkà yìí kì í ṣe ohun àjèjì, òun náà ló pọ̀ jù nínú yanrìn odò, àfi pé wọ́n ti sọ ọ́ di hóró róbótó tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ó máa ń fa òróró mu dáadáa, ìdí nìyẹn tí àwọn tójú wọn máa ń dán fi fẹ́ràn ẹ̀. Ní ojúmọmọ, ìmọ́lẹ̀ ń ti òkè, ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ilẹ̀ wá, hóró wọ̀nyí á sì tú u ká síbi gbogbo, ojú á wá rí bí aṣọ àrán. Ṣùgbọ́n iná fíláàṣì ò rí bẹ́ẹ̀. Orí kámẹ́rà gan-an ló wà, ẹ̀gbẹ́ ojú kámẹ́rà, ó sì ń tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára. Ó lu hóró sílíkà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ sì pa dà síbi tó ti wá, ojú kámẹ́rà nìyẹn. Ohun tí kámẹ́rà máa ń rí nìyẹn tí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ò ní í rí.

Àwọn méjì mìíràn tún wà, títéníọ̀mù dàyókísáìdì àti síńkì ókísáìdì. Àwọn yìí ò fara pa mọ́ rárá, funfun ni wọ́n láti ìpìlẹ̀. Títéníọ̀mù yìí náà ni wọ́n ń fi sínú ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń kun ògiri. Wọ́n wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tó ń gbèjà awọ lọ́wọ́ oòrùn, èyí tí wọ́n kọ SPF sí lára, wọ́n sì tún wà nínú fáńdéṣọ̀n tí wọ́n kọ SPF sí.

Kí ló wá dé tó fi le lára aláwọ̀ dúdú? Awọ tó dúdú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ mì, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dá pa dà, nítorí náà ìwọ̀nba funfun tí kò ní í hàn lára ẹlòmíì á hàn gbangba lára ẹ̀. Èkejì sì rèé, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: bí wọ́n bá fi kámẹ́rà sórí ẹ jọ̀ọ́-bá-mi-ṣe-é, òun fúnra ẹ̀ ló ń pinnu bí iná yóò ṣe pọ̀ tó. Bó bá rí èèyàn dúdú nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn, ó máa rò pé ìmọ́lẹ̀ ò tó ni, á sì fi kún iná. Iná tó fi kún un yìí ló máa jó àtíkè náà funfun.

A dán an wò lápá mi

Mo ní kí ọmọbìnrin náà lọ gbé àpótí iṣẹ́ ẹ̀ wá, kó tò gbogbo ohun tó lò sílẹ̀ bó ṣe lò ó tẹ̀léra. Ó tò ó. Káláméènì, èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísììtì fún ooru ara, lòun fi ṣe práímà. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ìpara oòrùn tó ní SPF, lẹ́yìn náà fáńdéṣọ̀n, lẹ́yìn náà páúdà funfun tí kò láwọ̀. Ó ní òun da páúdà yẹn lé abẹ́ ojú ìyàwó, òun fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun wá gbọ̀n ọ́n kúrò. Béèkì ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ó wá tún rántí pé ọ̀rẹ́ ìyàwó gba páúdà náà lọ́wọ́ òun, tó ń fi í tẹ ojú ìyàwó ní gbogbo ìgbà tí òógùn bá yọ.

Èmi náà dúdú bí àbúrò mi. Mo ká apá aṣọ mi sókè, a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pa apá mi ní ìlà mẹ́rin, a ti fèrèsé, a sì ní kí ayafọ́tò ya apá náà pẹ̀lú fíláàṣì. Bí fọ́tò náà ṣe jáde, àríyànjiyàn tán. Ìlà fáńdéṣọ̀n ò hàn rárá. Ìlà ìpara oòrùn rí bí eérú. Káláméènì funfun, kò sì yani lẹ́nu, nítorí síńkì ókísáìdì ló pọ̀ jù nínú káláméènì, ìwọ̀nba pupa díẹ̀ tí wọ́n fi sí i ló fi rí bí àwọ̀ ìgbín. Ti páúdà ló wá burú jù, ó ń kọ yẹ̀rì bí iná mọ́tò. Ọmọbìnrin náà kàn ń wò ó ni, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọdún mẹ́ta ni mo ti ń lo nǹkan yìí o."

Òrí ìyá wa ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n ya sí ibì kan díẹ̀, torí ilé tiwa náà lẹ́bi tiẹ̀. Òkè-Ògùn la wà, igi emi pọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò sì sí ilé tí ẹ ò ti ní í rí òrí. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ìyá wa fi òrí pa ọmọ ẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀ kí ojú ẹ̀ lè máa dán. Nígbà ọyẹ́, ohun tó dáa ni. Ṣùgbọ́n lásìkò ooru, òrí máa ń yọ́ bó bá ti kan ara, ojú àbúrò mi sì jẹ́ irú tó ń pọn òróró fúnra ẹ̀ ní iwájú orí, imú àti àgbọ̀n. Òróró nísàlẹ̀, òróró láti inú, ibo ni fáńdéṣọ̀n fẹ́ẹ́ dúró lé? Ìdí tó fi ń ṣí kúrò nìyẹn, ìdí nìyẹn náà tí wọ́n fi ń da páúdà lé e lórí léraléra. Ẹni tó bá fẹ́ lo òrí, kó lò ó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó sì fi ọṣẹ tí kò le fọ ojú láàárọ̀.

Káláméènì kọ́ nìkan ni wọ́n sì ń fi ṣe práímà o. Àwọn kan ń lo mílíkì ọ́fù magnísíà, oògùn inú líle yẹn. Lóòótọ́ ó máa ń fa òróró mu, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n awọ ara wa kan díẹ̀díẹ̀ ni, oògùn yẹn sì lágbára lódì kejì bí omi eérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Ẹni tó bá ń lò ó léraléra, ojú ẹ̀ á gbẹ, á máa ta á, á sì tún ṣí sílẹ̀ fún èéwo. Bó bá sì gbẹ tán, funfun lòun náà ń fi sílẹ̀. Èmi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn ẹ̀.

Práímà gidi fún ojú olóróró ni èyí tí wọ́n kọ sí lára pé ó ń pa dídán ojú. Ìwọ̀nba bí hóró ẹ̀wà kan ti tó fún gbogbo ibi tó ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò nílò rẹ̀. Títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, wọn kì í fi í ra ojú bí ìpara. Nǹkan kan wà tó máa ń ba a jẹ́. Bí práímà náà bá jẹ́ irú tó ń yọ̀ bí ọ̀rá rọ́bà, tí fáńdéṣọ̀n sì jẹ́ olómi, àwọn méjèèjì lè kọ ara wọn, wọ́n á wá máa ká jọ ní wóróbó bí ìgbà téèyàn fi rọ́bà pa ohun tó kọ rẹ́. Ẹ fi méjèèjì pa ẹ̀yìn ọwọ́ ná. Bó bá ká jọ lọ́wọ́, yóò ká jọ lójú.

Ti Ìṣẹ́yìn la fi mọ̀ pó ti yé wa

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àbúrò wa tó kéyìn náà ṣègbéyàwó ní Ìṣẹ́yìn, ìlú ọkọ ẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn náà la tún pè. Àwọn èèyàn bú mi, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kó tún fi ẹfun kun ìyàwó ni. Mo ní ẹni tó ti jìn sí kòtò lẹ́ẹ̀kan ló mọ ibi tí kòtò wà.

Aago méje àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó fọ ojú, ó fi ìpara fúyẹ́ tí kò lóróró pa á, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó mu. Práímà tẹ̀lé e, ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Kò fi ìpara oòrùn oní-síńkì sí i rárá, torí inú gbọ̀ngàn ni gbogbo ètò fẹ́ẹ́ wà. (Ẹni tí yóò pẹ́ nínú oòrùn, kó wá irú èyí tí kì í funfun lára, wọ́n wà lọ́jà.) Ó fi fóòmù tútù tẹ fáńdéṣọ̀n sí i nígbà méjì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ló ya tíṣù sí ọ̀nà méjì, ó fi èyí tó fẹ́lẹ́ lé ojú ìyàwó, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, òróró tó pọ̀ jù sì bá tíṣù lọ kí páúdà tó dé.

Páúdà tó lò kì í ṣe funfun mọ́. Ó jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tó bá ojú ìyàwó mu, abẹ́ ojú nìkan ló sì fi èyí tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí. Ó fi ìyẹ̀fẹ́ ìtẹ̀ tẹ̀ ẹ́ síbi tó ń dán, ó dúró fún ìṣẹ́jú méjì péré, ó sì fi bọ́rọ́ọ̀ṣì ńlá gbọ́n gbogbo èyí tó kù dànù. Páúdà tó ń jẹ́ Bọ́tákọ́ọ̀pù, èyí tí ilé iṣẹ́ Sáṣà ń ṣe ní Trínídáàdì, ni ọ̀pọ̀ onímekọ́ọ̀pù máa ń lò nítorí wọ́n ní iná kámẹ́rà kì í mú un. Ó dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ ẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, bí wọ́n bá sì kùn ún káàkiri ojú ẹni tó dúdú gidi, á rí bí eérú. Ìyẹn yàtọ̀ sí funfun kámẹ́rà o. Ti eérú, ojú lásán ń rí i nínú dígí. Ti kámẹ́rà, àfi bí fíláàṣì bá tàn.

Ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ tó kàn fi ṣe pàtàkì jù lọ lójú tèmi. Kí wọ́n tó wé gèlè, a fa aṣọ fèrèsé, a pa iná, mo sì fi fóònù mi ya ìyàwó pẹ̀lú fíláàṣì, lẹ́ẹ̀kan ní ìwọ̀n apá nínà, lẹ́ẹ̀kan láti ìṣísẹ̀ méjì. Iná fóònù sún mọ́ ojú kámẹ́rà ẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, nítorí náà bí funfun bá wà, yóò tú àṣírí ẹ̀. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Abẹ́ ojú òsì ń mọ́lẹ̀. Ọmọbìnrin náà ò da páúdà dúdú lé e lórí, torí ìyẹn á kàn di ìpele lórí ìpele ni. Ó fi fóòmù tútù tẹ ibẹ̀ títí tí èyí tó pọ̀ jù fi kúrò, ó wá fi ìwọ̀nba páúdà aláwọ̀ ilẹ̀ kàn án. A tún un yà, ó lọ.

Ní gbọ̀ngàn, ooru ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn kì í ṣe aṣọ fúyẹ́, gèlè sì ti dí orí pa, òógùn wá ń yọ lábẹ́ gèlè lọ sí iwájú orí. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé wa: práímà àti páúdà lè mú òróró, wọn ò lè mú òógùn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù fún omi, òógùn kì í ríbi gbẹ sí, ẹni tó bá sì da páúdà lé òógùn, ó ń ro àmàlà ni. Fáànù la gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyàwó. Tíṣù lọ̀rẹ́ ìyàwó mú dání, ó ń tẹ̀ ẹ́, kò ń nù ún, kò sì gbé páúdà jáde àyàfi ẹ̀ẹ̀kan, nígbà tí ojú ti gbẹ, kí wọ́n tó gé kéèkì.

Ayafọ́tò náà ṣe tiẹ̀. Kò dojú fíláàṣì kọ ìyàwó tààrà mọ́, ògiri funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló kọjú ẹ̀ sí, ìmọ́lẹ̀ wá ti ibẹ̀ bọ̀. Láàárín gbọ̀ngàn níbi tí ògiri ti jìnnà tí àjà sì ga, ó fi ike funfun bo iná náà, ó sì dín agbára ẹ̀ kù.

Ẹni tó bá ń lọ rajà, ẹ yí ike páúdà náà sẹ́yìn. Ohun tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ. Bí sílíkà bá jẹ́ àkọ́kọ́, tí kò sì sí àwọ̀ kankan nínú ẹ̀, ẹ fura. CI 77891 ni títéníọ̀mù, CI 77947 sì ni síńkì. Ṣùgbọ́n ẹ má torí pé ẹ rí CI 77891 sá o, torí ìwọ̀nba ẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ páúdà aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì sábà máa ń to àwọn àwọ̀ sí ìparí láìwo èyí tó pọ̀ jù. Ohun tó ń mú dúdú wá níbẹ̀ ni CI 77491, CI 77492 àti CI 77499. Bí gbogbo ẹ̀ bá dà yín lójú rú, ẹ fi pa apá, ẹ ti fèrèsé, ẹ ya fọ́tò.

Ní ti ìjà Ṣakí, ìyá wa sanwó tó kù fún àwọn méjèèjì níkẹyìn. Ayafọ́tò gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpútà tún bíi ogójì nínú fọ́tò gbọ̀ngàn ṣe, díẹ̀ dáa níbẹ̀, àwọn tó kù rí bí ẹni tó lẹ́ ojú ẹlòmíì mọ́ra. Èyí tó wà lára ògiri pálọ̀ ìyá wa dòní ni èyí tí wọ́n yà níwájú ilé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nínú oòrùn, láìtan fíláàṣì.